Oòrùn, awọ ara, àti ọmọ tí a bí sí Màǹṣẹ́sítà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti bàbá wọn ti wà ní Màǹṣẹ́sítà. Kẹ́hìndé wa, tí a bí síbí, gbọ́ níléèwé pé oòrùn ló fà á tí èèyàn Áfíríkà fi dúdú. Ó wá bi mí pé, nígbà tí oòrùn ò tó nǹkan níbí, ṣé àwọn ọmọ-ọmọ òun máa di òyìnbó? Mi ò rí èsì fún un. Ó tún ní bó bá jẹ́ òtútù ló ń sọ èèyàn di funfun, kí ló dé tí àwọn Ẹskimó ò fi funfun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé rárá. Bó bá fẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò dúdú bí ẹni pé Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Bí àwọ̀ ìdílé kan bá yí padà láàárín ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìgbéyàwó ló yí i, kì í ṣe ojú ọjọ́. Olùkọ́ rẹ̀ kò purọ́ o. Oòrùn ló fà á lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ló gbà ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún wa.

Ohun méjì la máa ń kó pọ̀. Èkínní ni kí oòrùn pa èèyàn, kó ṣú sí i. Bí Táíwò bá lọ lo oṣù kan nílé nígbà ọlidé, tó ń bá àwọn ìbátan rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan, yóò padà dé tòun ti àwọ̀ tó ṣú ju ti Kẹ́hìndé lọ. Kí Kérésìmesì tó dé, ó ti padà sí bó ṣe wà. Inú awọ ara nìkan nìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Kò kan àtọ̀ ọkùnrin tàbí ẹyin obìnrin, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń gba ohun tó máa jẹ́. Àgbẹ̀ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ roko lábẹ́ oòrùn ní Ṣakí, àti àbúrò rẹ̀ tó ń jókòó sí ọ́fíìsì l'Ékòó, bí àwọn méjèèjì bá bímọ lọ́jọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó lè wo àwọ̀ ọmọ jòjòló kó fi mọ èwo ni bàbá rẹ̀ ń roko. Àwọn ìyá wa kúkú ti mọ èyí tipẹ́. Bí ọmọ tuntun bá pupa, wọn kì í sọ pé oòrùn ni kò tíì pa á. Etí rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, àti ìdí èékánná rẹ̀, wọ́n á wá ní, "Ẹ má wo pípọ́n yìí, dúdú ni ọmọ yìí máa jẹ́." Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú aṣọ ni ọmọ náà wà nínú yàrá, tí oòrùn ò rí i sójú. Àwọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ohun kejì ni àwọ̀ tí a jogún yìí. Kí á tó sọ bí oòrùn ṣe wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó jẹ́ gan-an. Nínú awọ ara gbogbo èèyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣe èròjà dúdú tí à ń pè ní mẹ́lánì. Òyìnbó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, àwa náà ní wọn, iye wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wa. Ohun tó yàtọ̀ ni bí mẹ́lánì tí wọ́n ń ṣe ti pọ̀ tó, irú èyí tí wọ́n ń ṣe, àti bí ó ṣe ń pẹ́ tó kó tó túká. Tiwa wà nínú àpò kéékèèké tó tóbi ju ti òyìnbó lọ, tí kálukú dá dúró láyè ara rẹ̀. Tiwọn kéré, ó ń ṣùpọ̀, ó sì ń tètè túká. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é máa ń pín in fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ní àyíká wọn, àwọn ìyẹn á sì tò ó sórí ibi tí DNA wọn wà, bí ẹni ṣí agbòòrùn.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú awọ ara ni mo ti ṣiṣẹ́, àwọn àfín ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bí ìwé ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Bàbá dúdú, ìyá dúdú, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dúdú, ilé kan náà, oòrùn kan náà. Àfín ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí mo wí yìí ní pípé, àṣìṣe kékeré kan nínú ohun tó jogún ni kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe mẹ́lánì bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé oòrùn ló ń kun èèyàn ní dúdú, àfín tó ti ń ta iṣu ní ìta gbangba láti kékeré ì bá ti dúdú. Kò dúdú. Ohun tí à ń rí lára rẹ̀ ni ọgbẹ́ tí kò jiná ní igi imú, ní orí etí, ní ètè ìsàlẹ̀ àti ní ọrùn, nígbà tí ibi tí bùbá bò mọ́lẹ̀ ń dán gbinrin. Nínú wọn, àwọn kan wà tí ọgbẹ́ náà ti di jẹjẹrẹ kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún. Nítorí náà, ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu Kẹ́hìndé: oòrùn kọ́ ló ń ṣe dúdú, dúdú ló ń dúró de oòrùn. Àwọn tí kò ní in tó níbi tí oòrùn ti le ni oòrùn ń yọ lẹ́nu, láti ìran dé ìran.

Ó ku kí a mọ irú oòrùn tí à ń wí. Ooru kọ́. Ooru àti òtútù kò ní ọwọ́ kankan tó ṣe gúnmọ́ nínú àwọ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà ni ìtànṣán kan tí ojú wa kì í rí, tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Oríṣi méjì rẹ̀ ló ń dé ilẹ̀, A àti B. Èyí tí wọ́n ń pè ní B ló le jù, òun náà ló sì ń tètè dínkù lójú ọ̀nà, nítorí pé afẹ́fẹ́ òsóònù tó wà lókè ń gbà á mọ́ra. Bí oòrùn bá wà lókè orí gangan, ọ̀nà tí ìtànṣán náà máa gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́ kúrú. Bó bá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀run, ọ̀nà náà gùn, B á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó dé ara wa. Ìdí nìyẹn tí òkè gíga Tíbẹ́ẹ̀tì fi lè tutù wọnnu eegun kí ìtànṣán náà sì le níbẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó wà lórí wọn kò nípọn tó ti ìsàlẹ̀.

Ẹ fi Èkó àti Màǹṣẹ́sítà wé ara wọn. Ká pe ojú ilẹ̀ ní 0, ká pe òkè orí gangan ní 90. Ní Èkó, oòrùn ọ̀sán máa ń dé 90 lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ìgbà tó máa ń rẹlẹ̀ jù lọ ni oṣù Kejìlá, ó sì máa ń wà ní nǹkan bí 60 nígbà náà. Ní Màǹṣẹ́sítà, ibi tí oòrùn ọ̀sán máa ń ga dé jù lọ láàárín oṣù Kẹfà ni 60 yẹn gan-an. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín o: ọ̀sán tí oòrùn rẹlẹ̀ jù lọ l'Ékòó bá ọ̀sán tó ga jù lọ lọ́dọ̀ yín dọ́gba. Nígbà tí Kérésìmesì bá sún mọ́, ti yín á ti wá sí nǹkan bí 13. Kẹ́hìndé lè wò ó fúnra rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Kó dúró níta lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn bá yọ nínú oṣù Kejìlá, kó wọn òjìji rẹ̀. Á gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí òjìji èèyàn bá ti gùn ju èèyàn lọ báyìí, ìtànṣán B tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, bó ti wù kí ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀ tó. Láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kẹta ni ó rí bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba.

Wàyí o, kí ni ìtànṣán B ń ṣe sí ara tí ó fi lè pinnu ẹni tí ìran rẹ̀ máa pọ̀ sí i? Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ọ̀kan burú, ọ̀kan dára, àwọn méjèèjì sì ń fa ara wọn. Ẹ rántí àwọn oògùn tí wọ́n ń fún aláboyún nílé ìgbẹ̀bí, èyí tí wọ́n ń pè ní fólíkì. Fólétì ni, ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pẹ̀lú. Bí kò bá tó lára obìnrin ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oyún, kí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ tó mọ̀ pé òun lóyún, ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lè má pa dé. Ní 1978, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Branda àti Eaton, gbé omi ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó le bíi ti oòrùn líle, wọ́n sì rí i pé fólétì inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Nina Jablonski àti ọkọ rẹ̀ George Chaplin ló wá so ìyẹn pọ̀ mọ́ àwọ̀. Ní ọdún 2000 wọ́n mú ìwọ̀n ìtànṣán tí sátẹ́láítì NASA ti kó jọ káàkiri ayé, wọ́n fi wé àwọ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń gbé ojú kan láti ọjọ́ pípẹ́. Méjèèjì bá ara wọn mu lọ́nà tó yani lẹ́nu. Àlàyé wọn ni pé níbi tí oòrùn ti le, obìnrin tí awọ rẹ̀ kò ní mẹ́lánì tó ń pàdánù fólétì, ọmọ tó ń yè fún un á sì dín kù.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gba pé fólétì nìkan tó. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé jẹjẹrẹ awọ ara ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn tó tako ìyẹn ní jẹjẹrẹ yìí kì í sábà pa èèyàn àfi ìgbà tó ti bímọ tán, bí ẹni tó ti bímọ tán bá sì kú, kò yí iye ọmọ tó fi sílẹ̀ padà. Èmi tí mo ti rí àwọn àfín tí jẹjẹrẹ mú nígbà ọ̀dọ́ kò lè tètè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Awọ tí oòrùn bó pàápàá kì í lè làágùn dáadáa, kòkòrò sì ń ráyè wọ inú rẹ̀. Ojú tèmi ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ni, fólétì sì ni mo gbé síwájú nínú wọn nítorí pé orí ọmọ inú ló ti ń jà.

Iṣẹ́ kejì tí ìtànṣán B ń ṣe ni tó dára. Bó bá wọ awọ ara, ó máa ń sọ ọ̀rá kan níbẹ̀ di ìpìlẹ̀ fítámì D. Láìsí fítámì D, oúnjẹ tó ní kálísíọ́mù kò lè wọ egungun bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ ọmọ á tẹ̀, àyà á rí gbágungbàgun, ìbàdí ọmọbìnrin á sì há. Nígbà tí kò sí ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún aláboyún, ìbàdí tó há lè pa ìyá àti ọmọ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Mẹ́lánì tó ń dáàbò bo fólétì náà ló tún ń dí fítámì D lọ́wọ́, nítorí pé ìtànṣán kan náà ni. L'Ékòó, B pọ̀ débi pé èyí tó bá yọ́ wọlé ti tó wa lò. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí B ti ṣọ̀wọ́n fún oṣù mẹ́fà, mẹ́lánì tó pọ̀ á di ẹrù. Báyìí ni àwọ̀ ṣe ń wá ibi tí ìnira méjèèjì á ti fúyẹ́ jù, àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé kò sẹ́ni tó pinnu rẹ̀, ara ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n mọ̀ yí padà. Nínú ìran gbogbo ni a ti ń bí àwọn tó pupa díẹ̀ àti àwọn tó dúdú díẹ̀. Oòrùn ibi tí wọ́n wà ló ń pinnu àwọn tí ọmọ wọn máa pọ̀ jù tó bá yá. Awọ tó wà lábẹ́ irun ìnàkí kan tí a bá tan mọ́ra jù, ṣimpáńsì, kò dúdú. Ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàwọn baba ńlá wa àtayébáyé ṣe rí, kí irun tó tán lára wọn ní Áfíríkà, tí awọ ara wá bọ́ sí ìta fún oòrùn. Dúdú ni àwọn tó jáde kúrò ní Áfíríkà lọ káàkiri ayé ní nǹkan bí 60,000 ọdún sẹ́yìn.

Ìlú Ọba tí ẹ wà yìí ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní 1903, wọ́n wú egungun ọkùnrin kan nínú ihò àpáta ní Cheddar, ní ìpínlẹ̀ Somerset. Ó ti kú ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Natural History Museum ní Lọ́ndọ̀nù ló wà, ẹ lè mú àwọn ìbejì lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, tí wọ́n sì kéde èsì ní 2018, ohun tó jáde ni pé ó ṣeé ṣe kí ojú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, kí awọ ara rẹ̀ sì dúdú, kódà kó dúdú gan-an. Mo ní "ó ṣeé ṣe" nítorí pé fífi DNA sọ àwọ̀ ẹni tó ti kú kì í ṣe ohun tí a lè fi búra. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́, DNA àwọn ọdẹ mìíràn tí wọ́n gbé ayé lásìkò rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ń sọ ohun tó jọ ọ́. Àwọn baba ńlá wọn ti wà ní Yúróòpù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lábẹ́ oòrùn tí kò lágbára, síbẹ̀ wọn kò tíì funfun. Ìdí kan tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí ni oúnjẹ. Ọdẹ àti apẹja ni wọ́n, ẹja tó lọ́ràá sì ní fítámì D nínú, nítorí náà àìsí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lára.

Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn àgbẹ̀ dé Ìlú Ọba, àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí wá. Wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n ń sin ẹran, ọkà kò sì ní fítámì D. Jíìnì ni ẹ̀ka kékeré nínú DNA tí ọmọ ń jogún. Nínú ara wọn ni ẹ̀dà jíìnì kan wà tó ń dín mẹ́lánì kù, wọ́n ń pe jíìnì náà ní SLC24A5. Ẹja kékeré onílà kan, tí àwọn onímọ̀ ń sìn nínú ìgò, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ ní 2005. Èyí tí jíìnì náà bàjẹ́ lára rẹ̀ kì í ní ilà dúdú, ó máa ń pọ́n bíi wúrà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo òyìnbó Yúróòpù ló ní ẹ̀dà rẹ̀ tó ń dín mẹ́lánì kù lónìí. Kó tó pẹ́ púpọ̀, ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, àwọn mìíràn tún wọlé wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì pọ̀ débi pé díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ṣáájú ṣẹ́ kù. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ Cheddar kọ́ ló kàn jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń funfun díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó pọ́n jù wọ́n lọ wọlé, wọ́n bá wọn pò, oúnjẹ yí padà, oòrùn tí kò tó sì wá ń ṣa àwọn tí mẹ́lánì wọn kéré. Nǹkan mẹ́ta ló pàdé, kì í ṣe oòrùn nìkan.

Kí Kẹ́hìndé lè mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ní abúlé kan, ìdá kan péré nínú 100 ni irú jíìnì bẹ́ẹ̀ wà. Ká ní egungun tó gún régé jẹ́ kí àwọn tó ní in tọ́ ọmọ 102 dàgbà níbi tí iye èèyàn kan náà tí kò ní in ti tọ́ 100. Àǹfààní ọmọ méjì yìí kò hàn sí ojú ẹnikẹ́ni, kódà ìyálé ilé tó bá ń ka ọmọ àdúgbò kò ní fura. Kí jíìnì náà tó pọ̀ láti ìdá kan nínú 100 títí dé ìdajì, ó máa gba nǹkan bí ìran 230. Bí a bá ka ìran kan sí ọdún 25, ó ti lé ní 5,700 ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ dé Màǹṣẹ́sítà ní ogún ọdún sẹ́yìn kò tíì lo ìran kan tán.

Ohun kan tún wà tó ba ìṣirò yẹn jẹ́ pátápátá fún ìdílé yín. Kí àǹfààní ọmọ méjì yẹn tó lè wà, àfi kí àwọn tó dúdú máa pàdánù ọmọ nítorí àìsí oòrùn. Fítámì D wà nínú ìgò ní ilé oògùn lónìí, ilé ìwòsàn wà fún aláboyún, nítorí náà kò sí ohun tó máa ṣa ẹnikẹ́ni kúrò. Èyí ni mo fi sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìgbéyàwó nìkan ló lè yí i. Ẹ wo àwọn ìbátan wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pupa jù wá lọ, àwọn kan sì máa ń rò pé òtútù ibẹ̀ ló fà á. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí wọ́n jogún ló ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá, a sì mọ̀ pé àwọn olówó ẹrú kò tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ní Bàhíà ní Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, oòrùn le bíi ti ilé, síbẹ̀ oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà nínú ìdílé kan, nítorí ìdàpọ̀ kan náà ni.

Ní ti àwọn tí Kẹ́hìndé pè ní Ẹskimó, orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ ni Inúìtì, Kẹ́hìndé sì bi ìbéèrè tó dára gan-an, torí ó ti rí i pé àlàyé òtútù kò dúró. Ẹran séálì tó ń gbé inú omi dídì, ẹja àbùùbùtán àti ẹja olọ́ràá ni wọ́n fi ń jẹun láti ìgbà ìwáṣẹ̀, fítámì D sì kún inú wọn bámúbámú. Ẹni tó bá ń jẹ fítámì D kò nílò kí awọ rẹ̀ ṣe é, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣa àwọn tó dúdú díẹ̀ kúrò nínú wọn. Yìnyín náà tún máa ń ta ìtànṣán padà sí wọn lójú nígbà tí oòrùn bá padà dé. Lónìí tí púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹ oúnjẹ inú ṣọ́ọ̀bù, fítámì D ti ń dín kù lára wọn.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ oòrùn tan yín, ó ní ibi tó mọ. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní igbó Amasónì kò dúdú tó wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbedeméjì ayé kan náà la jọ wà, nítorí pé ọ̀nà àríwá Éṣíà tó tutù ni àwọn baba ńlá wọn gbà wọ Amẹ́ríkà, wọn kò sì tíì pẹ́ tó wa lábẹ́ irú oòrùn yẹn. Ní gúúsù Áfíríkà, àwọn Sáánì pupa, àwọn aládùúgbò wọn tí àwọn baba ńlá wọn ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ṣí débẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn sì dúdú sí i, lábẹ́ oòrùn kan náà. Ní 2017, Sarah Tishkoff àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ yẹ DNA àwọn èèyàn Etiópíà, Tansaníà àti Bòtsùwánà wò, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn jíìnì tó ń mú èèyàn pupa àti èyí tó ń mú un dúdú ti wà ní Áfíríkà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Òyìnbó kọ́ ló dá pípupa sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá kan fi lè bí ọ̀kan pupa, kó bí ìkejì ní adúmáadán, láìsí àlejò kankan nínú ìdílé. Jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ àwọ̀ pọ̀, bí wọ́n bá ṣe pín in fún ọmọ ni.

Ohun tó yẹ kó ká yín lára ju àwọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ lọ ni egungun àwọn tó wà nílé báyìí. Awọ Yorùbá tó wà ní Màǹṣẹ́sítà kò lè rí fítámì D tó láti inú oòrùn níbẹ̀, pàápàá ẹni tó ń fi aṣọ bo ara tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ìmọ̀ràn ìjọba Ìlú Ọba fún àwọn aláwọ̀ dúdú ni kí wọ́n rò ó láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ yíká ọdún, kì í ṣe ìgbà òtútù nìkan. Àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin pàápàá yẹ kó máa lò ó. Bí ọmọ bá ń ráhùn egungun, tó pẹ́ kó tó rìn, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, ẹ má dúró ra oògùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé fítámì D nìkan kọ́ ló ń fà á. Nílé níbí, níbi tí oòrùn ti ń ṣàn, a ní àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jọ́ọ̀sì, tó jáde ní 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ́mù nínú oúnjẹ wọn ni, kálísíọ́mù ló sì wo wọ́n sàn ju fítámì D lọ.

Ẹ wo ara ìgò dáadáa, torí àwọn kan ń kọ iye náà ní IU. 400 IU ni máíkírógíráàmù 10. Ẹ má ṣe rò pé bó bá pọ̀ ló dára. Àgbà kò gbọ́dọ̀ lò ju máíkírógíráàmù 100 lọ lójúmọ́, ọmọ ọdún kan sí mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, àfi bí dókítà bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.